Ebi Tó Ń Padà Lẹ́yìn Wákàtí Méjì: Bí A Ṣe Lè Wá Ìdí Rẹ̀ Kí A sì Dá A Dúró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹun àárọ̀ ní àjẹyó kí wọ́n tó jáde nílé, síbẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ebi á ti tún dé. Kì í ṣe ebi tí ń rọra wọlé, bí kò ṣe èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú kí ènìyàn kanra mọ́ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, tó sì ń mú kí ojú máa wá bisikíìtì àti mínírà kiri. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe sí i ni pé wọ́n á fi kún oúnjẹ: ẹni tó ń mu ògì abọ́ kan á sọ ọ́ di méjì, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì ègé mẹ́rin á jẹ mẹ́fà. Ebi náà kò ní lọ, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe kékeré tí oúnjẹ kéré ló fà á. Irú oúnjẹ náà ni, tàbí oorun tí kò tó, tàbí méjèèjì pa pọ̀, nígbà mìíràn sì rèé, àìsàn ni. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún wíwádìí èyí tó jẹ́ tiyín nínú wọn, láti orí oúnjẹ àárọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn jù láti rí i.

Bí ẹ bá ń lo ínsúlínì tàbí oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ ka Ìpele 5 kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ìdí tiwọn tí ebi fi ń pa wọ́n. Kí wọ́n má ṣe fi ìtọ́sọ́nà yìí dín oúnjẹ wọn kù.

Ohun tí ẹ ó nílò

Ẹ nílò ìwé pélébé kan àti bíírò tí ẹ ó máa gbé kiri, aago, àti abọ́ kan náà tí ẹ ó máa fi bu oúnjẹ àárọ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ má bàa yí padà lójoojúmọ́. Ẹ nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn pẹ̀lú àwọn pélébé tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, yóò wúlò gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Ẹni tí kò bá ní in lè fi ìwé àti aago nìkan rí ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kó rí.

Ìpele 1: Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ má sì yí ohunkóhun padà

Fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí, aago tí ẹ jẹun, ohun tí ẹ jẹ àti bí ó ṣe pọ̀ tó, aago tí ebi kọ́kọ́ padà, àti bí ebi náà ṣe wá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹ máa lò jù, nítorí náà kò tó láti kọ pé ebi ń pa yín. Ẹ kọ ọ́ bóyá inú ló ń kùn, bóyá ọwọ́ ń gbọ̀n, bóyá òógùn tútù bo iwájú orí, bóyá àyà ń lù kìkì, bóyá ohun dídùn nìkan ni ọkàn yín ń fà sí, àti bóyá oúnjẹ èyíkéyìí yóò tẹ́ yín lọ́rùn.

Ibi mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìṣe níbí. Àkọ́kọ́ ni ṣúgà: wọ́n á kọ "ògì àti àkàrà", wọn kò ní kọ horo ṣúgà mẹ́fà tó wọnú ògì náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní ka mínírà tí wọ́n mu nínú ọkọ̀ sí oúnjẹ. Èkejì ni pé wọ́n ń dúró di alẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, nígbà tí wọn kò rántí aago mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ìwé náà ń dójú tì wọ́n, wọ́n wá ń jẹ oúnjẹ tó dára jù èyí tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ yín gan-an ni kí ẹ kọ, bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìpele yìí parí bí ẹ bá lè fi ìka sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì sọ iye wákàtí tó wà láàárín oúnjẹ àti ebi, àti iye wákàtí tí ẹ sùn lóru tó ṣáájú. Bí ọjọ́ kan bá ní àlàfo, ẹ fi ọjọ́ kan kún un.

Ìpele 2: Ẹ mọ irú ebi tó ń bá yín fínra

Ebi tó tọ́ máa ń dé ní wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn oúnjẹ gidi. Ó ń rọra wá, inú á kùn, á lọ, á tún padà, oúnjẹ èyíkéyìí tó bá sì wà nílẹ̀ ló máa gbà. Bí èyí bá ni ẹ rí nínú ìwé yín, kò sí àtúnṣe kankan láti ṣe. Ẹ kàn jẹun nígbà tó tó.

Ebi ìjábọ́ ṣúgà yàtọ̀. Láàárín wákàtí kejì sí ìkẹta ló ń dé, lójijì, pẹ̀lú gbígbọ̀n àti ìfẹ́ ohun dídùn. Ògì tí a ti sẹ́ eèrí rẹ̀ kúrò àti búrẹ́dì funfun kì í pẹ́ nínú kí wọ́n tó di gúlúkósì, ṣúgà tí a dà sí ògì sì tún yára jù wọ́n lọ. Nígbà tí gúlúkósì bá ya wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pankíríàsì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, á tú ínsúlínì púpọ̀ jáde láti kó o lọ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀. Ínsúlínì yìí lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí oúnjẹ ti tán nínú ìfun, ṣúgà á wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tó wà kí ènìyàn tó jẹun rárá. Ọpọlọ á ka ìjábọ́ náà sí pé oúnjẹ ń tán lọ, á sì ké sí yín pé kí ẹ jẹun kíákíá.

Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Kíńgìsì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn tó lé ní 1,000 tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lára láti máa wo ṣúgà wọn tọ̀sán-tòru. Àwọn tí ṣúgà wọn ń jábọ́ gan-an ní wákàtí kejì sí ìkẹta lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni ebi ń pa jù. Wọ́n tún jẹun ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú àwọn tí tiwọn kò jábọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọjọ́ sì fi máa parí, wọ́n ti jẹ nǹkan bíi kálórì 300 jù wọ́n lọ. Ohun tó yẹ ká mú dání nínú rẹ̀ ni pé ìjábọ́ náà ló ń sọ bí ebi ṣe máa pa ènìyàn tó, ju bí ṣúgà ṣe gòkè tó lọ. Oúnjẹ kan náà sì ni wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n ara kọ̀ọ̀kan gbà á lọ́nà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí oúnjẹ tó ń gbé aládùúgbò yín dé ọ̀sán fi lè má gbé yín kọjá aago mẹ́sàn-án.

Irú ebi kẹta ni ti oorun. Kò ní aago kan pàtó. Ọjọ́ tí ẹ kò bá sùn tó, ẹnu yín kò ní dákẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ó sì máa ń le jù ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, kódà nígbà tí inú ṣì wúwo.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà, ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó wà nílé, kí ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ yín gan-an, ní ìwọ̀n tí ẹ máa ń jẹ ẹ́. Ẹ wọn ṣúgà kí ẹ tó jẹun, lẹ́yìn náà ní wákàtí kìíní, ìkejì àti ìkẹta, tí ẹ bá ka wákàtí láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ sì nù ún gbẹ ṣáájú ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìka tó mú ọsàn tàbí horo ṣúgà lè mú kí ẹ̀rọ náà sọ iye tó ga gan-an, èyí tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá, mo sì gbà pé èyí ló ń da ọ̀pọ̀ ìdánwò abẹ́lé rú. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ náà bóyá `mg/dL` tàbí `mmol/L` ló kọ. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó fi wé iye tí mo lò níbí.

Ẹ kíyè sára: ẹ̀rọ wọ̀nyí lè fi bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Ìyàtọ̀ 5 tàbí 6 kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ẹ wá ìrísí kan náà ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ní gbólóhùn kan pé ti ṣúgà ni, tàbí ti oorun, tàbí méjèèjì. Bí kò bá bá èyíkéyìí mu, ẹ fo Ìpele 3 àti 4, kí ẹ lọ sí Ìpele 5.

Ìpele 3: Ẹ tún oúnjẹ àárọ̀ tò

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Obìnrin akọ̀wé kan ń gbé ní Ìkòròdú, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Aago mẹ́rin ló ń jí, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ló ń mu ògì abọ́ kan pẹ̀lú horo ṣúgà mẹ́fà àti búrẹ́dì funfun ègé mẹ́rin. Ìwé rẹ̀ fi hàn pé láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀ ni ebi ń dé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ Sátidé ó jẹ oúnjẹ kan náà nílé. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 92 kí ó tó jẹun, 171 ní wákàtí kìíní, 104 ní ìkejì, 71 ní ìkẹta. Iye 71 kò tíì wọ ibi tí dókítà yóò ti pè é ní ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ 70 ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi 21 dín sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, láti 171 ló sì ti já wálẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ìyẹn tó láti mú ebi wá.

Ohun tí kò tọ́ fún un láti ṣe ni kó fi mọ́ínmọ́ín lé oúnjẹ náà lórí kó sì fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Pàṣípààrọ̀ ni kó ṣe. Ó dín ògì kù sí ìdajì abọ́, ó dín ṣúgà láti mẹ́fà sí méjì, ó yọ búrẹ́dì kúrò, ó sì fi mọ́ínmọ́ín ńlá kan àti ẹyin sísè kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wà ní purotéènì, ó sì tún ní fáíbà, èyí tí ògì ti pàdánù nígbà tí a fi aṣọ sẹ́ ẹ tí eèrí ṣẹ́kù sókè. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù purotéènì mẹ́fà. Àwọn méjèèjì ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú àpòlúkù, kí gúlúkósì sì máa kán wọnú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Purotéènì tún ń mú kí ìfun tú àwọn hòmónù tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó.

Ó tún yí ètò jíjẹ padà: mọ́ínmọ́ín àti ẹyin ló kọ́kọ́ jẹ, ó wá fi ògì tẹ̀lé e. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Niú Yọ́ọ̀kì dán èyí wò lára ènìyàn 11 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹran adìyẹ àti ẹ̀fọ́ ṣáájú búrẹ́dì, ṣúgà wọn ní wákàtí kìíní fi ju ìdá mẹ́ta kan lọ kéré sí ti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni. Àwọn tí wọ́n dán an wò kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀ láti gbìyànjú rẹ̀. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ Ramadan lè ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí sààrì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ògì àti ṣúgà ti máa ń dá ènìyàn lóró kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nígbà tí akọ̀wé yìí tún wọn ṣúgà rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó jẹ́ 90, 133, 112, 94. Ebi dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, inú rẹ̀ kùn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀:

- Fífi oyin rọ́pò ṣúgà. Gúlúkósì àti fúrúkítóòsì ló pọ̀ jù nínú oyin. Ẹ̀jẹ̀ kò ní mọ̀ pé ọ̀dọ̀ oyin ni wọ́n ti wá.
- Gbígbà pé ògì bàbà kò lè fa ìjábọ́. Bí ẹ bá ti sẹ́ eèrí rẹ̀ kúrò bíi ti àgbàdo, fáíbà rẹ̀ náà ti lọ.
- Búrẹ́dì tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n. Àwọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ìyẹ̀fun odindi ọkà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀.
- Jíjẹ ohun dídùn láti fi lé ebi aago mẹ́jọ lọ. Gbígbọ̀n náà á dúró, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan tàbí ẹyin sísè sàn jù, àfi ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ jẹ oúnjẹ tuntun náà fún ọjọ́ márùn-ún kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ bí ebi bá sún síwájú ní wákàtí kan ó kéré tán, tí gbígbọ̀n àti òógùn tútù sì dáwọ́ dúró. Bí gbígbọ̀n bá lọ ṣùgbọ́n tí ẹnu kò dákẹ́ ní ọ̀sán, oorun ló kù.

Ìpele 4: Ẹ fi kún oorun

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ yí oúnjẹ padà, nítorí pé ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àpòlúkù ń tú hòmónù kan jáde tí wọ́n ń pè ní gírẹ́lìnì, tó ń pe ebi; ọ̀rá ara ń tú òmíràn jáde, lẹ́pítìnì, tó ń sọ pé oúnjẹ tó. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ṣìkágò fi òru méjì gba àwọn ọ̀dọ́kùnrin 12 láyè wákàtí mẹ́rin péré lórí ibùsùn, ní ìgbà mìíràn wọ́n fún wọn ní wákàtí mẹ́wàá. Lẹ́yìn òru kúkúrú náà, gírẹ́lìnì wọn fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, lẹ́pítìnì wọn fi ìdá 18 lọ sílẹ̀, ebi sì pa wọ́n sí i, pàápàá ti ohun dídùn àti oúnjẹ oníyẹ̀fun. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbà kò yí padà. Oorun ló yí padà. Àìsùn tún ń mú kí ara má tètè dá ínsúlínì lóhùn, nítorí náà búrẹ́dì kan náà lè da ṣúgà yín rú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ kò sùn.

Akọ̀wé Ìkòròdú ń sùn ní aago mọ́kànlá, ó ń jí ní mẹ́rin: wákàtí márùn-ún. Kò lè sún aago ìjí rẹ̀ síwájú, nítorí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ojú ọ̀nà kò ní dúró dè é. Orí aago ìsùn nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Ó sún un sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ méjì méjì, títí tó fi dé aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjìlá. Ó ń sè oúnjẹ ọjọ́ kejì kí aago méje tó lù, ó ń gbé fóònù sí pálọ̀, ó sì dáwọ́ obì jíjẹ ní ìrọ̀lẹ́ dúró, nítorí kaféènì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí, ó sì lè pẹ́ lára títí di ọ̀gànjọ́. Wákàtí kan àti díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré: nínú iṣẹ́ kan tí Ṣìkágò tún gbé jáde ní ọdún 2022, àwọn tó sanra jù tí wọn kì í sùn tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ fi nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá kún oorun wọn, wọ́n sì ń jẹ kálórì tó dín ní nǹkan bíi 270 sí ti àwọn tí kò fi kún un, lójúmọ́, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù.

Ẹ kíyè sára: oorun gbọọrọ ọjọ́ Àìkú kò lè san gbèsè òru márùn-ún. Bí ẹ bá sì sùn wákàtí méje tí ẹ ṣì ń tòògbé lọ́sàn-án, tí ẹni tó ń bá yín sùn sì sọ pé ẹ ń hanrun gan-an tí èémí yín ń dúró láàárín oorun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà; aago ìsùn nìkan kò ní tún ìyẹn ṣe.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan lórí aago tuntun, ẹ fi àwọn ọjọ́ tí ẹ sùn tó wé àwọn tí ẹ kò sùn tó nínú ìwé yín. Iye ìgbà tí ẹ jẹ ìpápánu lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni kí ẹ kà.

Ìpele 5: Ìgbà tí kì í ṣe oúnjẹ, tí kì í sì ṣe oorun

Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí irú oògùn àtọ̀gbẹ tó lè já ṣúgà wálẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ebi òjijì, kó wọn ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 70, tàbí tí kò sí ẹ̀rọ nítòsí, kó jẹ nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn horo mẹ́rin, tàbí kó mu mínírà ìdajì ife tó ní ṣúgà gidi nínú, kó dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tún wọ̀n ọ́n, kó sì tún un ṣe bí kò bá tíì gòkè. Ẹ̀pà àti ẹyin kò yára tó níbí. Bí ó bá ti dákú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ebi púpọ̀ pẹ̀lú òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́ àti rírù jẹ́ àmì àtọ̀gbẹ tí a kò tíì mọ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní àárọ̀ láì tíì jẹun: 126 sókè, tí ó bá tún jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà kejì, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, 100 sí 125 fi hàn pé ó ti ń sún mọ́lé. Bí ebi àti rírù bá sì wá pẹ̀lú àyà tó ń sáré, ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà gbogbo àti ooru tí ara kò gbà, ẹ ní kí wọ́n yẹ táírọ́ọ̀dù ọrùn wò.

Ẹ wo oògùn yín pẹ̀lú. Purẹdinísólóònù ń fa ebi. Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni àwọn oògùn tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àwọn tó fẹ́ sanra, nítorí pé sipurohẹpitadíìnì tàbí dẹkisamẹtasóònù ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìkejì yìí ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ẹni tó bá sì ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọ́dọ̀ jáwọ́ lójijì láì rí dókítà, nítorí pé ara rẹ̀ lè ti dẹ́kun pípèsè hòmónù tí oògùn náà fara wé.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìwé yín dání, ẹ mú ọ̀rá tàbí páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, kí ẹ sì fi àmì sí àwọn ọjọ́ tí ṣúgà yín wà nísàlẹ̀ 55 nígbà tí ẹ ń gbọ̀n. Iye bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí kì í lo oògùn àtọ̀gbẹ ṣọ̀wọ́n, dókítà yóò sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan kó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín ní àpòlúkù rí, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un.